Ẹ̀rí tí olè ò lè kó: bí mo ṣe kọ̀wé kí péèjì ẹja mi tó padà

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ mí kúrò nídìí péèjì?"

Ọmọ àbúrò mi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2025. Iwájú àdògán ni mo wà, mò ń yí ẹja àrọ̀ padà lórí wáyà, èéfín ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Mo ní, "Yọ ọ́ kẹ̀? Kí ló dé tí n ó fi yọ ọ́?" Mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo ṣí fóònù. Ó ní kí n tẹ pásíwọọ̀dù. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe òun. Mo tún un tẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ṣì ní kì í ṣe òun. Ẹja tó wà níwájú mi lálẹ́ ọjọ́ náà jóná láti ìdí dé orí, n kò sì mọ̀ títí òórùn ẹ̀ fi gba gbogbo àgbàlá.

Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Ọjà Olúwo ni mo ti ń ra tútù, mo máa yan án nílé, mo máa kó o sí páálí, mo máa gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń fi péèjì kan lórí ìkànnì ayélujára kan polówó rẹ̀, orúkọ tó sì wà lórí rẹ̀ ni `Iya Eleja Epe`. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi kò rí mi rí lójú. Wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n á sanwó kí ẹja tó kúrò nílẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tó bá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi, ìsọ̀ mi ló gbà.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe wọlé, nítorí èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ inú àpótí péèjì mi. Àmì ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà wà lára fọ́tò ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ó ní orin tí mo lò sábẹ́ fídíò kan jẹ́ ti onílé, pé ẹni tó ni orin ti fẹjọ́ sùn, pé tí n kò bá dáhùn láàárín wákàtí 24, wọn yóò pa péèjì mi rẹ́. Lóòótọ́ ni mo fi orin sábẹ́ fídíò. Ta ni kì í fi orin sábẹ́ fídíò? Ibẹ̀ ló ti mú mi. Mo tẹ línkì tó fún mi. Fọ́ọ̀mù kan jáde, ó béèrè ímeèlì àti pásíwọọ̀dù, mo kọ ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù mi, fọ́ọ̀mù náà sì béèrè kóòdù yẹn. Mo kọ òun náà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé bí mo ṣe ń kọ pásíwọọ̀dù sínú fọ́ọ̀mù tiwọn, ni ẹnì kan níbòmíràn ń kọ ọ́ sínú ojúlé gidi. Òun ló mú kí ilé iṣẹ́ gidi fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi. Kóòdù náà kì í ṣe ayédèrú rárá, ojúlówó ni, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi fura. Èmi ni wọ́n fi ojúlówó kóòdù ránṣẹ́ sí, olè ló sì gbà á lọ́wọ́ mi.

Línkì yẹn ì bá ti tú wọn fó ká ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka línkì. Ọmọ àbúrò mi ló kọ́ mi lẹ́yìn tí omi ti dànù. Ó kọ ọ́ sórí páálí ẹja fún mi báyìí:

```
https://orukoikanni.com.ejo-peeji.example/foomu
```

Ó ní kí n wá ibi tí igi ìdábùú kan ṣoṣo kọ́kọ́ wà lẹ́yìn méjì tó wà níbẹ̀rẹ̀, kí n wá ka ohun tó wà lápá òsì rẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ igi yẹn jù lọ ló nilé. Níhìn-ín, `ejo-peeji.example` ló nilé, `orukoikanni.com` tó wà níwájú kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni. Èmi, orúkọ tí mo mọ̀ ni mo rí níwájú, mo sì wọlé.

Ẹ wá wo bí ọwọ́ wọn ṣe yá tó. Aago 9:47 ni wọ́n yí ímeèlì orí àkáǹtì mi padà sí tiwọn. Ní 9:49 wọ́n yọ nọ́ńbà fóònù mi. Ní 9:52 wọ́n tan ìlẹ̀kùn kejì, ìyẹn kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà lórí fóònù, ṣùgbọ́n orí fóònù tiwọn ni wọ́n so ó mọ́. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí nǹkan tí wọ́n ní kí gbogbo wa tàn láti fi dáàbò bo ara wa, èmi ò tàn án láti ọdún 2021, olè wá bá mi tàn án, ó sì fi tì mí síta. Láti ìgbà náà, bí mo bá tilẹ̀ gba pásíwọọ̀dù padà, kóòdù ọwọ́ olè ni ìkànnì yóò máa béèrè lọ́wọ́ mi. Ní 10:05 ni wọ́n yọ ọmọ àbúrò mi, tí òun nìkan jẹ́ alábòójútó kejì. Nígbà tí ẹja mi fi jóná tán, wọ́n ti parí iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, péèjì mi gbé ìpolówó jáde: páálí ẹja àrọ̀ ní ìdajì owó, "ẹ̀dínwó ọdún". Fọ́tò ẹja tèmi ni wọ́n lò. Nọ́ńbà báńkì nìkan ni kì í ṣe tèmi. Ìyá kan ní Ìbàdàn, oníbàárà mi láti ọdún mẹ́ta, ti san ẹgbẹ̀rún 38 náírà kí n tó pè é. Mo ní kí ó pe báńkì tirẹ̀ ní kíá, torí báńkì ẹni tó sanwó ni ó máa kọ̀wé sí báńkì tó gbowó pé kí wọ́n dì í mú. Èmi tí owó kò kúrò ní àkáǹtì mi kò lè bá a ṣe é. Àbọ̀ tó mú wá ni pé wọ́n bá díẹ̀ nínú owó náà, wọ́n dá a padà fún un, ìyókù ti lọ. Èmi náà pe báńkì tèmi, mo ní kí wọ́n pa káàdì tí mo fi ń sanwó ìpolówó, nítorí káàdì yẹn ṣì wà lára péèjì. Wọ́n ti fi í ra ìpolówó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pè.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn, mo ṣì ní i lọ́wọ́, ojú ń tì mí láti kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, opó ni mí." Mo sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo sọ bí mo ṣe ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti lọ pàdé àwọn apẹja. Mo gbé olè ṣépè, mo sì ṣàdúrà fún ẹni tó bá kà á. N kò kọ nọ́ńbà péèjì, n kò kọ aago tí ó ṣẹlẹ̀, n kò kọ ímeèlì tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ péèjì nìkan ni mo kọ, olè sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ náà padà ní ọjọ́ kejì. Èsì tó wá dà bíi kí ènìyàn kígbe sí kànga: "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, ẹ tẹ ibí láti yí pásíwọọ̀dù yín padà." Mo tẹ ibẹ̀. Ó béèrè kóòdù ọwọ́ olè.

Inú bí mi, mo tún kọ òmíràn. Mo kọ ẹ̀kẹta láti inú fọ́ọ̀mù mìíràn, mo kọ ẹ̀kẹrin láti fóònù ọ̀rẹ́ mi. Ìwé mẹ́rin, nọ́ńbà ẹjọ́ mẹ́rin, ẹni mẹ́rin tí kò mọ̀ pé àwọn mẹ́ta yòókù wà, olúkúlùkù sì ń bẹ̀rẹ̀ láti àlífù. Mo tún ṣe ohun kan tó fẹ́ bà á jẹ́ pátápátá. Mo ní kí gbogbo ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ mi ní Olúwo fẹjọ́ péèjì náà sùn pé jìbìtì ni. Ọmọ àbúrò mi sáré dá mi lẹ́kun. Ó ní, "Àǹtí, tí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ yín, péèjì ni wọ́n máa pa, kì í ṣe olè. Péèjì yẹn náà lẹ sì ń wá." Lóòótọ́, ẹjọ́ jìbìtì ọ̀tọ̀, ẹjọ́ pé wọ́n gba péèjì lọ́wọ́ onípéèjì ọ̀tọ̀. Ibi tí a ti ń sun ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tilẹ̀ sí lójú péèjì náà, ó wà ní ojúlé ìrànlọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan tún wà. Ibi tí mo bá ti ké gbàjarè pé wọ́n gba péèjì mi, wọn ò ní í pẹ́ dé. "Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni báyìí, òun ló bá mi gba tèmi padà." Ọ̀kan béèrè ẹgbẹ̀rún 25 náírà, ó ní òun mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ó wá ní kí n fi kóòdù tó máa wọ fóònù mi ránṣẹ́ sí òun. Kóòdù kẹ̀! Mo dákẹ́, mo dí i lọ́nà.

Ọjọ́ kẹfà ni a tó jókòó. Ọmọ àbúrò mi wá láti Ìkòròdú, ó jókòó lórí àpótí, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo ní tó lè fi hàn pé èmi ni mo ni péèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: mo mọ gbogbo oníbàárà, mo mọ ìgbà tí a dá a sílẹ̀, mo mọ orúkọ tó ń jẹ́ kí a tó yí i padà ní 2022, mo mọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì ìpolówó. Ó ń mi orí. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ìyẹn wà nínú péèjì. Ta ló wà nínú péèjì báyìí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Olè ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn oníbàárà mi, ó mọ wọn. Orúkọ àtijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ibi ìtàn péèjì yóò rí i. Nọ́ńbà mẹ́rin káàdì, ó hàn gbangba ní ibi owó ìpolówó. Ẹni tó jókòó sí ìhà kejì, tó ń ka ìwé mi, kò mọ̀ mí, kò mọ olè. Ẹni méjì ló ń sọ pé àwọn ni wọ́n nilé. Ohun kan ṣoṣo tó lè yà wá sọ́tọ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi tí kò sí nínú péèjì.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Èkíní ni ímeèlì àtijọ́, tí olè kò wọ̀. Nígbà tí wọ́n yí ímeèlì orí àkáǹtì padà, ìkànnì náà kọ̀wé sí èyí àtijọ́ pé ó ti yí padà, pé tí kì í bá ṣe èmi, kí n tẹ línkì kan láti dá a padà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún ọjọ́ mẹ́fà tí n kò rí, nítorí apá àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń wò. Inú apá tí wọ́n ń pè ní `Social` ló wà, láàárín àwọn tó ń sọ pé lágbájá ṣe ọjọ́ ìbí. Mo tẹ línkì náà, ó ní àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ká ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí i, bóyá n kì bá tí kọ ìwé kankan. Ṣùgbọ́n aago tó wà lórí ìwé náà kò kọjá: 9:47 alẹ́, kedere bí ojú ọjọ́. Gbogbo aago tí mo kọ sókè yẹn, inú àwọn ìwé ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn ni mo ti rí wọn.

Èkejì ni ìwé báńkì. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn mo san ẹgbẹ̀rún 5 náírà fún ìpolówó nígbà ààwẹ̀. Olè lè rí i pé ẹnì kan san án, ṣùgbọ́n kò lè mú ìwé báńkì jáde tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀, tí ọjọ́ àti iye rẹ̀ bá ti ibi ìpolówó mu. Ẹ̀kẹta ni fọ́tò. Fọ́tò àmì péèjì, tí ó jẹ́ ọwọ́ mi pẹ̀lú ẹja àrọ̀ ńlá kan, ṣì wà lórí fóònù mi àtijọ́ bí mo ṣe yà á, kò tíì di èyí tí wọ́n gé létí. Èyí tó wà lójú péèjì jẹ́ èyí tí a gé; ẹni tó bá ní odindi ni ó ni ín.

Wọ́n ti béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, ibí yìí sì ni wàhálà gidi wà. Mo fi ìwé NIN mi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Kò tó wákàtí méjì, èsì dé: orúkọ tó wà lórí káàdì kò bá orúkọ àkáǹtì mu. Báwo ni yóò ṣe bá a mu? Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ló wà lórí káàdì, àkáǹtì tí mo fi dá péèjì sílẹ̀ sì ń jẹ́ `Iya Eleja Epe`. Mo rò pé bí mo bá ṣe kọ orúkọ òwò sí gbogbo ibi, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò ṣe tètè rí mi. Ta ni yóò tẹ Ìyá Ẹlẹ́ja sórí káàdì ìdánimọ̀?

Ohun tó so orúkọ méjèèjì pọ̀ wà nínú àpò ìwé kan lábẹ́ ibùsùn mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ yá wa lówó, wọ́n ní kí olúkúlùkù forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC. Mo ráhùn nípa owó náà nígbà yẹn. Ìwé ẹ̀rí náà kọ orúkọ òwò, ìwé tó tẹ̀lé e sì kọ orúkọ ẹni tó ni òwò náà, orúkọ bàbá mi gan-an bó ṣe wà lórí NIN. Pẹ̀lú méjèèjì, àlejò tí kò mọ Ẹ̀pẹ́ lè rí i pé Ìyá Ẹlẹ́ja àti èmi jẹ́ ẹnì kan náà.

Nígbà náà ni a wá kọ ìwé karùn-ún. Mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ọmọ àbúrò mi ń kọ ọ́, lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. A kò ṣí ẹjọ́ tuntun, abẹ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́ gan-an la fi í sí. Bó ṣe lọ nìyí, àyàfi àwọn nọ́ńbà tí mo yọ:

"Ẹjọ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa lò. Mo ti kọ mẹ́ta mìíràn, nọ́ńbà wọn nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àwọn yẹn dé.

Wọ́n gba péèjì mi lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ péèjì náà nìyí. Orúkọ rẹ̀ lè ti yí padà nígbà tí ẹ bá ka èyí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò yí padà.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni, ní aago Nàìjíríà, tó fi wákàtí kan ṣáájú UTC. Ní 9:47 alẹ́, wọ́n yí ímeèlì padà. Ní 9:49, wọ́n yọ nọ́ńbà fóònù mi. Ní 9:52, wọ́n tan ìdánimọ̀ ìgbésẹ̀ méjì sórí fóònù tí kì í ṣe tèmi. Ní 10:05, wọ́n yọ alábòójútó kejì. Èmi ni mo kọ kóòdù sínú fọ́ọ̀mù ayédèrú. Línkì rẹ̀ nìyí.

Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 9:47 jẹ́ tèmi. Fóònù kan náà ni mo ń lò láti ọdún 2023, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì wà. Fóònù yẹn ni mo fi ń kọ̀wé yìí.

Mo ṣì ní ímeèlì àtijọ́ àti síìmù àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí èyíkéyìí.

Káàdì mi kò bá orúkọ àkáǹtì mu nítorí orúkọ òwò ni mo fi ṣí i. Ìwé CAC tí mo so mọ́ èyí ló so orúkọ méjèèjì pọ̀. Mo tún so ìwé báńkì owó ìpolówó oṣù kẹta mọ́ ọn, àti odindi fọ́tò àmì péèjì.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè: ẹ yọ ìdánimọ̀ ìgbésẹ̀ méjì tí wọ́n tàn ní 9:52, ẹ dá ímeèlì mi padà, ẹ má sì pa péèjì náà rẹ́, nítorí àwọn tí wọ́n jà lólè wà nínú àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí opó nínú rẹ̀, kò sí owó ilé ìwé. Mo fẹ́ fi àdúrà kan sí ìparí, ọmọ àbúrò mi ní kí n gbà á fún òun.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí a ń kọ̀wé, olè ti sọ péèjì náà di ibi tí wọ́n ti ń sọ owó di ìlọ́po, ó sì ti yí fọ́tò padà. Tí o bá wá Ìyá Ẹlẹ́ja, o kò ní rí nǹkan kan. Línkì àtijọ́ kan tí mo ti fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí Wáàtsáàpù ní ọdún 2023 la ti rí nọ́ńbà náà, ìlà àwọn nọ́ńbà gígùn kan ní ìparí línkì.

Ti fóònù tí mo mẹ́nu bà nínú ìwé náà kì í ṣe àsọdùn. Lọ́jọ́ kẹrin mo ti lọ sí ibi tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú, mo ní ẹ̀rọ ńlá á mọ̀ ọ́n ṣe ju fóònù mi lọ. Fọ́ọ̀mù ìgbàpadà kò tilẹ̀ fún mi ní ibi tí n ó ti gbé káàdì sí. Nígbà tí mo dé ilé tí mo ṣe é lórí fóònù mi, pẹ̀lú dátà síìmù mi, ibi náà jáde. Fún ìkànnì náà, èmi tó wà ní Ìkòròdú àti olè kò yàtọ̀: àlejò lórí ẹ̀rọ àlejò.

Ìwé karùn-ún lọ ní ọjọ́ 18. Ní ọjọ́ 20 wọ́n dá mi lóhùn, ó sì hàn pé ènìyàn ló kọ ọ́, nítorí ó béèrè ìbéèrè: ṣé mo lè fi odindi ìwé ìkìlọ̀ 9:47 yẹn ránṣẹ́ bó ṣe wà, kì í ṣe àwòrán rẹ̀? Ọmọ àbúrò mi gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì. Ó ní fọ́tò ìwé, ẹnikẹ́ni lè yà á ní ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì ìwé gbé òǹtẹ̀ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọwọ́ mi ń yún mí láti ṣí ẹjọ́ tuntun, n kò ṣe é. Ní àárín ìgbà náà mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìyá Ìbàdàn nílò ìwé fún báńkì rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 wà, ọlọ́pàá sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá mi gba péèjì padà ní àgọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù keje, línkì kan wọ ímeèlì mi àtijọ́. Mo ka apá òsì igi ìdábùú lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí.

N kò tà fún ẹnì kankan lọ́jọ́ yẹn. A tan ìlẹ̀kùn kejì sórí fóònù tèmi, mo da kóòdù mẹ́wàá tí wọ́n fún mi fún ìgbà pàjáwìrì kọ sínú ìwé gbèsè mi. A lé gbogbo fóònù tó ṣì wà nínú àkáǹtì jáde: mẹ́ta ni, kò sí èyí tí mo mọ̀. A rí alábòójútó kan tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ọmọ àbúrò mi, lẹ́tà kan ni ó fi yàtọ̀, a yọ ọ́. A pa ìpolówó ìlọ́po owó rẹ́, mo sì kọ̀wé sójú péèjì pé èmi ti padà, pé nọ́ńbà báńkì kan ṣoṣo ni mo ní. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá Ìbàdàn pè mí. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, mo kọ̀wé sí yín lánàá ní aago kan òru pé kí ẹ bá mi mú páálí méjì. Ẹ dá mi lóhùn ní kíá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà báńkì tí ẹ fún mi kì í ṣe èyí tí ẹ kọ sójú péèjì. Èwo ni kí n san án sí?"

Ní aago kan òru, mo ti sùn fọnfọn. Mo ní kí ó má san nǹkan kan. A ṣí péèjì, a wá a títí, a wá rí i ní ibi tí a ti ń ṣètò èsì aláfọwọ́-ara-ẹni, èyí tí péèjì máa ń fi dáni lóhùn nígbà tí onípéèjì kò bá sí nítòsí. Olè ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ kejì: "Ẹ kú ọjọ́, a dúpẹ́, ẹ sanwó sí nọ́ńbà yìí." Ìsọ̀ ti padà sọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ní gbogbo òru, ọmọ ọ̀dọ̀ tó fi síbẹ̀ ṣì ń bá a gba owó.